Ṣé Irọ́ Ni Kí Ayàwòrán Fọ Eyín Nínú Fọ́tò?

Bí ayàwòrán bá dín ìpọ́n eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kù, ṣé ó ti purọ́? Ká wo fọ́tò ìyá àgbà kan tó ń jẹ obì, tí wọ́n yà lábẹ́ gílóòbù pupa rúsúrúsú. Iná yẹn ti pọ́n eyín wọn ju bó ṣe rí lọ.

Nínú Photoshop, a ó sàmì yí eyín nìkan ká, ká má kan èrìgì. A ó ṣí Hue/Saturation, a ó mú Yellows, a ó sì fa Saturation wá sí -40. Ẹni tó bá fà á dé -100 yóò rí eyín aláwọ̀ eérú, nítorí eyín èèyàn ní ìpọ́n díẹ̀ tirẹ̀ látinú wá. Lẹ́yìn náà, ká padà sí Master. Lightness +5 ti tó. Bí eyín bá funfun ju funfun ojú wọn lọ, tàbí tí òjìji àárín eyín bá pòórá, àṣejù ti wọ̀ ọ́.

Títí dé ibẹ̀, àwọ̀ iná la ṣì ń mú kúrò, n kò sì rí irọ́ níbẹ̀. Àbàwọ́n obì ńkọ́? Ti ìyá nìyẹn, kì í ṣe ti iná. Èmi ò ní pa á rẹ́ láìkọ́kọ́ bi wọ́n. Wọ́n lè fẹ́ kó wà níbẹ̀.