Ìránnilétí Mélòó Ló Pọ̀ Jù?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: ìgbà mélòó ló yẹ kí a máa rán ara wa létí iṣẹ́ rere lójúmọ́?

Abdullahi ọmọ Masiudi, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, a máa ṣe wáàsí ní ọjọ́ Alámísì kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan sọ fún un pé ì bá wu òun kí ó máa ṣe é lójoojúmọ́. Ó kọ̀, nítorí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sú wọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Ànábì náà ṣe máa ń fi àlàfo sí wáàsí tí ó ń ṣe fún àwọn.

Ní oṣù tó kọjá, mo to aago ìránnilétí 14 sínú fóònù mi: 5 fún ìrun, 5 mìíràn tí ń ké ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú wọn, 2 fún àsíkírì òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, 2 fún títọrọ àforíjì. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń ké. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìka mi ti ń pa aago lẹ́nu mọ́ kí ojú mi tó kà á. Ní ọ̀sán kan lóko, mo pa ti Alásárì bí ẹni pé ti àforíjì ni. Nígbà tí mo gbójú sókè, oòrùn ti ń pọ́n. Aago náà ké o; ariwo àwọn yòókù ló sọ ọ́ di aláìlágbára.

Mo wá fi ọjọ́ 7 kọ ọ́ sínú ìwé: èwo ni mo dìde fún, èwo ni mo kàn pa? Aago tó ń ṣáájú Àsùbáà, mo dìde fún un lójoojúmọ́, nítorí mo nílò àkókò láti ṣe àlùwàlá. Àwọn 4 tó ń ṣáájú ìrun yòókù ké ní ìgbà 28. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dìde. Mo yọ wọ́n. Ti àforíjì, n kò dá a lóhùn rárá, nítorí ó ń bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbé e sí ẹ̀yìn sàlámà ìrun, níbi tí mo ti jókòó tẹ́lẹ̀. Àsíkírì òwúrọ̀ tẹ̀ lé Àsùbáà, ti ìrọ̀lẹ́ tẹ̀ lé Alásárì. Aago 6 ló kù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́: aago ni mo dín kù, n kò dín iṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo tún wò ó: bí iṣẹ́ kan bá bá aago rẹ̀ lọ, mo gbọ́dọ̀ dá aago náà padà. Ẹni tí aago sì ń rán létí oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyẹn.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìwọ̀nba tí a bá dì mú bá wa dalẹ́. Àmín.