Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Kò Di Odindi

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Òwe yìí kì í fìgbà gbogbo bá iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò mu. Ẹ wo irú ìbéèrè tó lè wà nínú ìwé fọ́tòkọ́pì ní Ìyànà-Ìbà: "Nínú àwòrán òkè yìí, O ni àárín òbìrìkìtì. Igun AOB jẹ́ 110°. Wá igun ACB." Àwòrán ò sí níbẹ̀, ẹni tó tún ìwé náà tẹ̀ ti fò ó.

A mọ̀ pé igun àárín jẹ́ ìlọ́po méjì igun tó wà létí. Ṣùgbọ́n ibo ni C wà? Bó bá wà lórí apá etí tó gùn láàárín A àti B, 110° la ó pín sí méjì, ìdáhùn á jẹ́ 55°. Bó bá wà lórí apá kúkúrú, igun tó kù yí O ká, 250°, la ó pín, á sì jẹ́ 125°.

Bí wọ́n bá to ìdáhùn sísàlẹ̀ ìbéèrè náà, kí ọmọ wò wọ́n. Bí ọ̀kan péré nínú méjèèjì bá wà níbẹ̀, ipò C ti hàn. Bí méjèèjì bá wà (àwọn tó ń ṣètò ìdánwò sì fẹ́ràn irú ìdẹkùn bẹ́ẹ̀), àfi kó ya àwòrán méjì, kó sì kọ ibi tó fi C sí sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.