Nígbà Tí Ohun Tí A Mọ̀ Kò Tó Nǹkan, Kí Ìdáhùn Wa Kúrú

Ìbéèrè kan wà tí obìnrin máa ń bi obìnrin bíi tirẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé, nígbà tí àwọn yòókù bá ti ń palẹ̀ àga mọ́. Yóò fa àgbà kan sí kọ̀rọ̀, yóò rọra sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, mo fọwọ́ kan kókó kan nínú ọmú mi lápá òsì. Kí ni ẹ rò pé ó jẹ́?” Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò: bí ohun tí a mọ̀ kò bá ju bíńtín lọ, báwo ni ó ṣe yẹ kí ìdáhùn wa gùn tó?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ka ohun tí àgbà yìí mọ̀. Ó mọ̀ pé kókó wà. Ó mọ̀ pé apá òsì ni ó wà. Ó parí. Kò mọ ìgbà tí ó ti wà níbẹ̀, kò mọ̀ bóyá ó ń tóbi sí i, kò sì mọ̀ bóyá ẹnìkan nínú ẹbí ti ní irú rẹ̀ rí. Bí ó bá tilẹ̀ mọ gbogbo èyí, kò sí èyí tí ó lè fi sọ ohun tí kókó náà jẹ́.

Síbẹ̀ ahọ́n kì í fẹ́ dákẹ́. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Áà, wàrà ló dì. Ó ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe wàrà, a jẹ́ pé nǹkan oṣù rẹ ló fẹ́ dé. Ṣé ó ń dùn ọ́? Bí ó bá ń dùn ọ́, má bẹ̀rù, jẹjẹrẹ kì í dun ni. Bí kò bá sì dùn ọ́, ọ̀rá lásán ni. Ṣáà máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́.” Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìrora yẹn dáadáa. Bí ó dùn ún, kò sí ewu. Bí kò dùn ún, kò sí ewu. Ìdáhùn tí ó ń sọ ohun kan náà lọ́nà méjèèjì kò tíì sọ nǹkan kan.

Ohun tí ó mú kí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ṣòro láti bá wí ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Wàrà a máa dì lọ́mú ìyá ọlọ́mọ. Ọmú ọ̀pọ̀ obìnrin a máa ní kókó kékeré kí nǹkan oṣù tó dé, a sì máa lọ bí ó bá parí. Kókó kan tún wà tí ó ń yọ lọ́mú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin, tí í máa yẹ̀ kúrò lábẹ́ ìka bí ọmọ ayò, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kódà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́ nípa àwọn obìnrin lápapọ̀. Ṣùgbọ́n ti obìnrin kan ṣoṣo tí ó dúró níwájú wa ni a bi wá, nípa tirẹ̀ ni a kò sì mọ nǹkan kan. Ní ti ìrora, òótọ́ ni pé jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dun ni níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òmíràn a máa dun ni. Nítorí náà, kí ó dùn tàbí kí ó má dùn, kò dá ẹnikẹ́ni láre.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò díẹ̀, bí ẹni ń ṣírò owó ọjà. Ká ní àgbà yìí mọ àbá í dá gan-an, tí ó fi jẹ́ pé nínú àbá 10, 8 máa ń bọ́ sí i. Ó ní wàrà ni: 8 nínú 10. Ó ní bí ó bá jẹ́ wàrà, omi gbígbóná yóò tú u: 8 nínú 10. Ó ní bí ó bá tú, kò ní padà mọ́: 8 nínú 10. Ìtàn náà ń dùn sí i bí ó ti ń gùn, ó sì ń dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n kí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè bọ́ sí i pọ̀, ó ti wálẹ̀ di nǹkan bí 5 nínú 10. Bí ẹni ju owó ẹyọ sókè ni. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí a fi kún àbá ń dín òótọ́ rẹ̀ kù, etí olùgbọ́ sì ń rò pé ńṣe ni ó ń lágbára sí i.

Obìnrin náà yóò gbé ìtumọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ sílé. Èwo ni yóò yàn? Èyí tí kò dẹ́rù bà á ni. Yóò máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, oṣù kan, oṣù mẹ́ta, ọdún kan. Àwọn dókítà wa ní Nàìjíríà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú ni kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn títí àrùn náà yóò fi ràn kọjá ibi tí ìtọ́jú ti rọrùn.

Èyí ni ìdáhùn tí ó tó: “N kò mọ ohun tí ó jẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè wò ó lójú lásán kí ó mọ̀. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti lè mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí á lọ lọ́sẹ̀ yìí.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tí a kò mọ̀, ibi tí ìmọ̀ wà, àti ìgbà tí a ó lọ. Ẹ má ṣe rò pé kíkúrú nìkan ni ó mú un dára o. “Kò sí nǹkan níbẹ̀” kúrú ju èyí lọ, irọ́ sì ni lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀.

Bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, ẹ ó rí i pé dókítà gan-an kì í sọ púpọ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Yóò fi ọwọ́ yẹ ọmú méjèèjì àti abíyá wò. Lẹ́yìn náà wọn yóò ya àwòrán rẹ̀: síkáànù ni fún ọ̀dọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀kísíréè ọmú sì máa ń kún un bí obìnrin bá ti lé ní 40 ọdún. Bí ó bá yẹ, wọn yóò fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára kókó náà, kí wọ́n lè wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń mú ohun kékeré tóbi lójú. Títí èsì yóò fi dé, ohun tí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa sọ ni, “A kò tíì mọ̀.” Ìgbà tí èsì bá dé ni ọ̀rọ̀ tó lè gùn, nítorí pé ó ti rí ohun tí yóò sọ.

Àwọn kan yóò ní ìdáhùn kúkúrú le koko jù fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Wọn yóò tún rán wa létí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Ṣùgbọ́n òwe yẹn wà fún ẹni tí ààbọ̀ yòókù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́rọ̀ yìí, ààbọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó bi wá, kò sì sí lọ́wọ́ àwa náà. Bí a bá fẹ́ bá a pẹ́, ọ̀pọ̀ nǹkan ni a lè ṣe láìdá àbá kankan. A lè bá a wá ẹni tí yóò mójú tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí á sì bá a wọ ọkọ̀. A sì lè jókòó tì í kí ó kọ ohun tí dókítà yóò bi í sórí ìwé: ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí i, ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ dé kẹ́yìn, bóyá omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí ọmú, oògùn tí ó ń lò, àti bóyá ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ti ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí.