Ǹjẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀ ni Láti Jẹ́ kí Lẹ́tà Dúró?

Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ bí tèmi, bi mí léèrè bóyá kì í ṣe àfojúdi ni pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni mo ń ka ímeèlì lóòjọ́. Ó ní ẹni tí ó kọ̀wé ń retí èsì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó níwájú wa ńkọ́? Ṣé òun kò retí ohun kan ni?

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi wá bá mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìdí tí owó ìdánwò rẹ̀ kò fi tíì pé, nígbà tí fóònù mi dún. Mo bojú wò ó. Ìpolówó ìwé títà ni. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ọmọ náà ní, “Kò burú, sà, n ó padà wá.” Kò padà wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé baba rẹ̀ ti wà lórí àìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo ṣí Gmail lórí fóònù mi. Mo tẹ Settings, mo tẹ orúkọ àkáǹtì mi, mo tẹ Notifications, mo sì yan None. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń wọlé láìpariwo. Mo yan aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀, aago kan ọ̀sán, àti aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní kò rí bí mo ti rò. Fóònù ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò dákẹ́; èmi fúnra mi ni mo ń ṣí i láìsí ẹni tí ó pè mí. Ìgbà tí mo bá fẹ́ kọ lẹ́tà ni ó burú jù, nítorí pé bí mo bá ti ṣí i, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ojú mi yóò kọ́kọ́ bá. Nísinsìnyí, inú ìwé àkọsílẹ̀ kékeré ni mo ń kọ ọ́ sí títí àkókò yóò fi tó.

Ní ọdún 2015, Kushlev àti Dunn tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde láti Kánádà. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn 124 máa ka ímeèlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì máa kà á bí ó ti wù wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ìdààmú ọkàn wọn dín kù ní ọ̀sẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dára bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìfọ̀kànbalẹ̀ ara mi ni mo ń wá.

Ètò yìí ní àlébù. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kọ̀wé sí mi ní aago méjì pé ìpàdé ìgbìmọ̀ wa ti kúrò ní aago márùn-ún, ó ti di aago mẹ́ta. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ń ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ẹ̀bi mi ni, nítorí n kò sọ àkókò mi fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà mi, pé kí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá lè dúró pè mí. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ẹni méjì péré ni ó pè.

N kò ní fi èyí lélẹ̀ fún ẹni tí gbígba lẹ́tà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, bí akọ̀wé tí àwọn ènìyàn ń kọ̀wé sí nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹni tí ó kọ̀wé sí irú wọn ni ó jókòó níwájú wọn.